Ilẹ̀kùn Tí Valda Kò Gbà Fún

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n sin Irma, àbúrò ọkọ rẹ̀, aṣọ tí Valda Pfitzner fi ń bomi rin tòmátò ló wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe pé kò ní aṣọ. Aṣọ dúdú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wà nínú wọ́dúróòbù lápá ọ̀tún, lórí ìkọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù, irú èyí tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kò ṣí. Ó fà á, ó tì í, ó fi orúnkún ràn án, ó fi èjìká gbá a. Ilẹ̀kùn náà yọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀, bí ìgbà tó fẹ́ gbà, ló bá há, ó sì dúró gbọn-in. Àlàfo tó fi sílẹ̀ kò gbà ju ọwọ́ lọ. Valda na ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ kan aṣọ náà, ṣùgbọ́n kò rí i yọ. Apá òsì ṣí ní tirẹ̀, àmọ́ pákó ló pín inú wọ́dúróòbù náà sí méjì, ẹ̀wù Clem, ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, ló kún apá ibẹ̀. Ọkọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fun fèrè. Ó wọ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ.

Roslyn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rí i nígbà tí wọ́n ń mu tíì lẹ́yìn ìsìn. Obìnrin yìí ti lé láàádọ́ta ọdún, òun ló ń ṣe akọ̀wé àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ojú rẹ̀ sì mú sí ohun tí kò bá wà létòlétò.

"Mọ́mì, kí lẹ wọ̀ yìí?"

"Aṣọ."

"Mo rí i pé aṣọ ni. Erùpẹ̀ wà létí rẹ̀."

"Ta ló ń wo etí aṣọ? Irma ò rí i."

Roslyn ò rẹ́rìn-ín. Òun ló wa ìyá rẹ̀ padà sílé, ó sì wọ yàrá lọ tààrà láti lọ wo ilẹ̀kùn náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ilẹ̀kùn ò mi. Ó yíjú padà, ó wo òkè àjà, ó wo ògiri tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè fèrèsé, ó sì sọ ohun tí gbogbo èèyàn àdúgbò náà máa ń sọ.

"Ilẹ̀ ni, Mọ́mì. Ilẹ̀ ti ń gbé ilé yìí lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa apá gúúsù Adelaide tí Valda ń gbé yìí. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sún kì, á là, ibòmíì á là débi pé ṣíbí á kó sínú rẹ̀. Ilé ń bá a lọ sókè, ó ń bá a bọ̀ nísàlẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọ̀nyí ti wá sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ fún ohun gbogbo. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ há: ilẹ̀ ni. Ìdérí ìkòkò tíì ò bára mu mọ́: ilẹ̀ ni. Bí ọkọ ẹnì kan bá pẹ́ ní ilé ọtí, mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà kọ́ ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, nǹkan á bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní tẹrí ba wo ìdí ohun tó ṣe é.

Roslyn mú ìwé kan jáde láti inú báàgì rẹ̀. Valda mọ ìwé náà. Ó ti rí i nígbà ọdún tuntun, ó ti rí i nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìwé ọgbà ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan létí òkun ni, tí wọ́n ya òdòdó sí lẹ́yìn.

"Yàrá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní àwọn á dá a dúró fún wa títí di ọ̀sán Sátidé. Ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Lónìí ilẹ̀kùn ni. Lọ́la ńkọ́? Tí ẹ bá ń fa ilẹ̀kùn, tí ẹ ṣubú, ta ló máa gbọ́ igbe yín?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn Valda, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ó sì bí i nínú fún ìdí kan náà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń wo alágídí ọmọ.

"Títí di Sátidé, àbí?"

"Ọ̀sán Sátidé."

"Ó dáa. Bí o bá dé lọ́jọ́ Sátidé, tí o ò bá lè fi ìka kan, ìka kan péré, ṣí ilẹ̀kùn yìí, màá tọwọ́ bọ̀wé rẹ. Mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣí i, ìwé yẹn á padà sínú báàgì, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òkun àti òdòdó mọ́."

"Ẹ kàn máa lọ pe káfíńtà ni."

"Mi ò ní pe káfíńtà kankan. Ọwọ́ mi yìí ni."

Roslyn wo ọwọ́ náà, tí oríkèé rẹ̀ ti wú díẹ̀díẹ̀. Ó gbà.

Ẹni tó bá mọ Valda kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀ níbí. Abúlé àwọn olóko èso àjàrà ló ti wá, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń fi èdè Jámánì gbàdúrà kó tó jẹun, tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú ẹṣin. Ó wá sí ìgboro ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wọ ilé iṣẹ́ mọ́tò, ó sì fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rán awọ àga mọ́tò níbẹ̀. Nígbà kan, ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Òfin ibẹ̀ ni pé obìnrin kì í tú ẹ̀rọ, kó jókòó kó dúró de ọkùnrin tí ń tún un ṣe. Valda dúró títí di oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó tú u, ó rí bẹ́líìtì tó yọ, ó dá a padà, ó ń rán awọ lọ nígbà tí ọ̀gá dé. Ọ̀gá náà pariwo lé e lórí lójú gbogbo èèyàn. Valda ní, "Ẹ má bínú, sà." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tún dákẹ́, ó tún tú u.

Ní ọjọ́rú, oòrùn mú gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ ti kọjá ogójì dígírì kó tó di ọ̀sán. Valda fa kọ́tìnnì, ó mú téèpù irin, ó gun àpótí kékeré. Ohun tó fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ilẹ̀ ni lóòótọ́. Ó wọn gíga ẹnu wọ́dúróòbù lápá òsì, ó wọ̀n ọ́n láàárín, ó wọ̀n ọ́n lápá ọ̀tún. Bákan náà. Ó tún wọ̀n ọ́n láti igun òsì lókè wá sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà láti igun ọ̀tún lókè wá sí igun òsì nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò nípọn ju owó ẹyọ kan lọ. Ẹni tó ti gé awọ àga mọ́tò kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Ohun tí igun rẹ̀ bá dọ́gba báyẹn kò wọ́.

Ó sọ ọ́ síta nínú yàrá òfìfo náà. "Kì í ṣe ilẹ̀, Roslyn."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kọjá sí ilé kejì lọ pe Dino Mercuri. Ọmọ Ítálì ni Dino, ó fi ogójì ọdún da kọnkéré sí ìdajì àwọn ilé àdúgbò yẹn, orúnkún rẹ̀ sì ti ń gbẹ̀san lára rẹ̀. Abẹ́ igi fíìgì ló wà, ó ń gbọ́ rédíò.

"Dino, dìde. Wá bá mi gbé ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti wọ́dúróòbù. Ó há."

"Ilẹ̀ ni. Èmi ni mo da ìpìlẹ̀ ilé tó wà níwájú yín, mo fi ojú ara mi rí amọ̀ yẹn. Kò sí ohun tí o lè ṣe sí i. Fi sílẹ̀, ní oṣù kẹfà òjò á rọ̀, á ṣí fúnra rẹ̀."

"Ní oṣù kẹfà èmi á ti wà létí òkun, wọn á máa fún mi ní oúnjẹ alẹ́ ní agogo márùn-ún. Ṣé o ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?"

Dino pa rédíò. Ó fẹ́ràn kí òun àti Valda máa ta ko ara wọn lórí tòmátò, kò sì wù ú kí ẹlòmíràn kó wọ ilé yẹn.

Bí a ṣe ń yọ irú ilẹ̀kùn yìí kò le bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n. Lókè, orí rẹ̀ wọ inú irin kan tó jin bíi kòtò kékeré. Nísàlẹ̀, róólà méjì ló fi ń rìn lórí ojú irin tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ẹ ó gbé gbogbo ilẹ̀kùn sókè wọ inú kòtò òkè yẹn, ìdí rẹ̀ á kúrò lórí ojú irin, ẹ ó wá fa ìdí náà sọ́dọ̀ ara yín, ẹ ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹn bí ẹ bá ní agbára. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí, ilẹ̀kùn tó sì ga ju ènìyàn lọ kò yàtọ̀. Valda dì í mú lápá kan, Dino lápá kejì, wọ́n kà á, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ilẹ̀kùn bọ́ síta, wọ́n sì gbé e dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Dino yí róólà kan. Kò yí. Irun àti òwú kápẹ́ẹ̀tì ti wé mọ́ ọn lọ́rùn, epo dúdú ti lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ bíi ọṣẹ dúdú. Èkejì yí ìlàjì, ó sì dúró, nítorí apá kan rẹ̀ ti jẹ di pẹlẹbẹ. Valda kúnlẹ̀ wo ojú irin ilẹ̀. Láàárín, ibi tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbà tó bá fẹ́ mú nǹkan lókè pẹpẹ, etí irin náà ti tẹ̀. Ogójì ọdún ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni.

"Ta ló da epo sí i tó báyìí?" Dino béèrè.

Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ní gbogbo oṣù, láti ìgbà tí Clem ti kú, ó ń kán epo sí ojú irin náà, torí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọ ni pé ohunkóhun tó bá ń ké, epo ló ń fẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń fẹ́ epo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n epo orí ojú irin ilẹ̀ ń kó gbogbo ìdọ̀tí yàrá mọ́ra, ó sì ń sọ ọ́ di àtè.

"Èmi ni," ó ní. "Má rẹ́rìn-ín."

Dino rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ògiri mú. "Tòótọ́! Ilẹ̀ kọ́! Ìyàwó Clem ni!"

"Rẹ́rìn-ín tán, kí o wá bá mi tú èkejì."

Róólà ilẹ̀kùn kejì náà ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Valda tú ọ̀kan, ó fi sínú ọ̀rá búrẹ́dì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtajà ohun èlò ilé tó wà lójú títì ńlá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Trudi ló wà níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ilẹ̀kùn, ó ní irun pupa àti gíláàsì tó fi okùn so mọ́ ọrùn. Ó yẹ róólà náà wò, ó mi orí.

"Màmá, èyí ti pẹ́. Ẹ ò kúkú ra ilẹ̀kùn tuntun?"

"Kí ló ṣe ilẹ̀kùn mi? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún. Ṣé bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ máa ń pààrọ̀ orí?"

Trudi bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí Valda borí. Ó fi hàn án pé èèyàn kì í ra róólà láì ra ojú irin rẹ̀ pọ̀: ihò tó wà lára róólà gbọ́dọ̀ bá etí irin tó ń gùn mu, bí wọn ò bá bára mu, róólà á máa yọ tàbí kó máa jẹ irin. Ó tún wọn gíga róólà àtijọ́ láti ìdí rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ilẹ̀kùn, kí tuntun má ga jù, kó má kúrú jù. Valda ra róólà mẹ́rin, pẹ̀lú ojú irin kan tó gùn ju wọ́dúróòbù rẹ̀ lọ, torí pé irin gígùn nìkan ni wọ́n ní. Bí ó ṣe gbé irin náà dé inú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ yí ojú padà.

"Màmá, ẹja wo lẹ fẹ́ fi ìyẹn pa?"

"Èyí tó bá béèrè ọ̀rọ̀ jù."

Ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dé ilé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òun àti Dino bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Valda wọn fífẹ̀ ẹnu wọ́dúróòbù lẹ́ẹ̀mejì, ó sàmì sí irin tuntun, ó fi díẹ̀ kúrú sí i kó má baà há mọ́ ògiri, ó sì fi ayùn irin gé e. Ó ń gé, ó ń sinmi, ó ń gé. Dino nawọ́ láti gba ayùn, Valda yí ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tó tán, ó fi fáìlì fá etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú síkúrù mẹ́fà tó di ojú irin àtijọ́ mú. Méjì nínú wọn kàn ń yí lásán, kò di nǹkan kan mú. Ìdí tó rí ni pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n de irin náà lé, kápẹ́ẹ̀tì yẹn sì ń rọ̀, ó ń dìde, irin ń jó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo.

"Ọlẹ ló ṣe èyí," ni Dino wí.

"Clem ló ṣe é."

"Ọlẹ tí mo fẹ́ràn."

Valda mú abẹ, ó gé kápẹ́ẹ̀tì náà ní ìlà tó gún régé bí ìlà aṣọ, ó yọ ọ́ kúrò títí ó fi rí pákó ilẹ̀. Ó fa òwú tó so nọ́ọ̀tì irin kan mọ́ nídìí láti ara irin òkè wá sílẹ̀, kó lè mọ ibi tí irin ilẹ̀ máa dúró sí gan-an, ní abẹ́ ti òkè ní tààrà. Ó lu ihò tuntun, kò lo ti àtijọ́, ó de síkúrù wọlé títí orí wọn fi wọ inú irin pátápátá, torí bí orí síkúrù bá yọ sókè, róólà á máa kọsẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n de róólà tuntun mọ́ ìdí ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n gbé ti iwájú tẹ̀ lé e. Valda fi ọwọ́ tì í. Ó lọ. Kò ké, kò há, ó lọ wọ̀ọ̀ bí omi.

Ó dé òpin, ó kan ògiri díẹ̀, orí rẹ̀ sì yọ kúrò nínú irin òkè. Gbogbo ilẹ̀kùn wó bọ̀ lórí wọn. Dino fi ikùn àti àyà gbà á, ó sì ké ohun kan ní èdè ìyá rẹ̀ tí mi ò ní kọ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti gbé e dùbúlẹ̀ tán, wọ́n yí síkúrù kéékèèké tí ń gbé ilẹ̀kùn sókè lórí róólà. Wọ́n yí i dé òpin. Wọ́n dá ilẹ̀kùn padà. Etí rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ inú irin òkè rárá.

Dino nu ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Valda. Ó ti kúrú. Ilẹ̀ ti rì, ó ti kúrò lábẹ́ òrùlé. Mo sọ fún ọ."

Valda jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà á, jìnnìjìnnì gan-an. Ó rí yàrá létí òkun náà, ó rí òdòdó oníke tó wà nínú rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ níbi tábìlì láàárín àwọn tó ń dúró de oúnjẹ agogo márùn-ún, tí ẹnì kankan nínú wọn kò ní ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ ṣe lọ́la. Ó wù ú kó sunkún. Ó sì bá ara rẹ̀ jà fún un, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, rárá, mi ò lọ. Mo wọ̀n ọ́n. Gíga rẹ̀ bákan náà níbi gbogbo. Bí ilẹ̀ bá rì, kì í rì dọ́gba.

Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó mú ìlà kápẹ́ẹ̀tì tó gé, ó sì fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́ láti mọ bó ṣe nípọn tó, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe sí awọ nílé iṣẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Dino."

"Hẹn?"

"Ilẹ̀ kọ́ ló rì. Èmi ni mo gé e kúrò. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni irin àtijọ́ jókòó sí. Mo yọ kápẹ́ẹ̀tì, irin bọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n yìí, ilẹ̀kùn náà sì bọ́ pẹ̀lú rẹ̀."

Dino gba kápẹ́ẹ̀tì náà, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ó bára mu rẹ́gí. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú yàrá irinṣẹ́ Clem, ó le, kò rọ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, ó sì nípọn bí ó ti yẹ. Wọ́n tú irin, wọ́n tẹ́ pákó náà sábẹ́ rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, wọ́n lo síkúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó lè gba inú pákó wọ ilẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ilẹ̀kùn padà. Lọ́tẹ̀ yìí, orí wọn wọ inú irin òkè dáadáa. Valda kúnlẹ̀, ó yí síkúrù róólà díẹ̀díẹ̀, ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó sọ ẹ̀gbẹ́ kejì kalẹ̀, títí àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri fi dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu ojú irin. Kò kán epo kankan sí i.

Roslyn dé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti fi ìwé náà sínú fáìlì tuntun. Valda fi àgbọ̀n tọ́ka sí yàrá, kò kí i tán.

"Wọlé. Ìka kan."

Roslyn dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó fi kàn án, ó tì í. Ilẹ̀kùn náà yọ̀ lọ, ó kọjá ibi tí ó máa ń há sí, ó dé òpin, ó dúró. Aṣọ dúdú náà wà níbẹ̀. Roslyn fà á padà. Ó tún ṣí i. Ó fi ọwọ́ mì í bóyá á jó, kò jó. Ó kúnlẹ̀, ó wo irin tuntun, ó wo pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wo ibi tí wọ́n ti gé kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tínú rẹ̀ dùn.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi."

"Mọ́mì."

"Dino bá mi gbé ilẹ̀kùn."

Roslyn gba ọ̀rọ̀ náà mú kíá. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò dá a ṣe. Ẹ ò lè dá a ṣe!"

"Ta ló ń dá ilẹ̀kùn gbé?" Valda dìde dúró. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn tó fi bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ mọ́tò sọ̀rọ̀ ló jáde. "Dádì ẹ ò dá ilẹ̀kùn yìí gbé rí. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kun yàrá, èmi ni mò ń bá a dì í mú, èmi ni mò ń kígbe ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ogójì ọdún. Ta ló mú ìwé létí òkun wá fún un?"

Roslyn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fáìlì náà lórí itan rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Mọ́mì. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún láàárọ̀, mo máa ń rò pé ẹ ti ṣubú."

"Mo mọ̀," Valda ní. Ó jókòó tì í. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Inú ilé mi ni mo ti fẹ́ kó máa bà mí."

Lẹ́yìn náà Roslyn mú fóònù rẹ̀ jáde, ó pe àwọn tó ni ọgbà náà, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún wọn, ó sì ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní yàrá yẹn.